Ìgbà Tí Oyún Lè Dé Lẹ́yìn Tí Obìnrin Bá Fi Ìfètòsọ́mọbíbí Sílẹ̀

Ọ̀nà kan náà ni oògùn oníhóró, abẹ́rẹ́ àti ìmpláǹtì tí wọ́n ń tì sábẹ́ awọ apá ń gbà dènà oyún. Nínú ara obìnrin tí kò lo nǹkan kan, kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó máa ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin lóṣooṣù pé kí ẹyin kan gbó, kó sì jáde. Họ́mọ́ònù tó wà nínú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ló ń dá kókó yìí lẹ́kun. Tí kókó náà kò bá ti ránṣẹ́, ẹyin kò ní jáde. Oògùn náà tún ń mú kí omi ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ki, débi pé àtọ̀ kò ní ríbi gbà wọlé, ó sì ń mú kí awọ inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tó ń dí ọ̀nà ẹyin, kò sí èyí tó ń ba ẹyin jẹ́, kò sì sí èyí tó ń pa ilé ọmọ lára.

Nítorí náà, ohun tó ń sọ ìgbà tí oyún lè dé ni ìgbà tí oògùn bá tó tán nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti tán, kókó abẹ́ ọpọlọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti oníhóró máa ń tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti ìmpláǹtì máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Ti abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ló yàtọ̀ sí tiwọn, torí pé ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń tán, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù àti àròsọ ti pọ̀ jù.

Kí a tó máa ka oṣù, ó yẹ kí a mọ iye ìgbà tí oyún máa ń gbà kó tó dé fún tọkọtaya tí kò lo ìfètòsọ́mọbíbí rí. Nínú irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ 100, tí wọ́n ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé, nǹkan bí 85 ni oyún yóò dé fún kí ọdún kan tó pé. Àwọn tí ti wọn máa ń dé lóṣù àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún lọ. Ìdí ni pé ọjọ́ tí oyún lè dé kò pọ̀ nínú oṣù. Ẹyin tó jáde kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó kú. Àtọ̀ ní tirẹ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Tí a bá ro ó pọ̀, ọjọ́ mẹ́fà péré ni: márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí ẹyin jáde, àti ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Obìnrin tó fi oníhóró sílẹ̀ ní oṣù kẹta tí oyún kò tíì dé ní oṣù keje kò tíì jáde kúrò nínú ohun tó wọ́pọ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Oníhóró ló rọrùn jù láti ṣàlàyé. Bí obìnrin bá ti lo hóró tó kẹ́yìn, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ á wá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbà pé nǹkan oṣù ni, àmọ́ kì í ṣe nǹkan oṣù tòótọ́. Oògùn tó kúrò ló jẹ́ kí awọ ilé ọmọ já bọ́, ẹyin kankan kò tíì jáde. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ẹyin àkọ́kọ́ máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, nǹkan oṣù tòótọ́ á sì tẹ̀ lé e. Nítorí èyí, oyún lè dé kí obìnrin tó rí nǹkan oṣù tirẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ewu nínú rẹ̀. Oògùn tó ti kúrò nínú ara kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan, kò sì sí ìdí kan tí ó fi yẹ kí ènìyàn dúró fún oṣù mẹ́ta kí ara lè sinmi. Ohun kan ṣoṣo tí oyún irú èyí máa ń dà rú ni kíka ọjọ́ ìkúnlẹ̀, torí kò sí nǹkan oṣù tí nọ́ọ̀sì lè ti ibẹ̀ kà á. Síkáànù ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló máa ń tún ìyẹn ṣe.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù tó fi oníhóró sílẹ̀ nítorí kí wọ́n lè bímọ, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2009, fi hàn pé nínú obìnrin 100, nǹkan bí 21 ló lóyún láàárín oṣù àkọ́kọ́, 79 sì ti lóyún kí ọdún kan tó pé. Àwọn tó ti lo oníhóró fún ohun tó ju ọdún méjì lọ kò pẹ́ ju àwọn tó lò ó fún ìgbà díẹ̀ lọ. Bí a bá fi iye yìí wé ti àwọn tí kò lo nǹkan kan, wọn kò jìnnà síra wọn.

Nǹkan kan wà tí oníhóró máa ń fi pamọ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń ségesège láti ìgbà ọmọge, tó ń dé lẹ́yìn ọjọ́ 45 lónìí tí ó sì ń dé lẹ́yìn ọjọ́ 60 lọ́la, á rí i pé nígbà tó wà lórí oníhóró, ẹ̀jẹ̀ ń wá lọ́jọ́ 28 ọjọ́ 28. Oògùn ló ń ṣètò ẹ̀jẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tó bá fi í sílẹ̀, ìségesège àtijọ́ á padà, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ á sì sọ pé oníhóró ló bà á jẹ́. Tí dókítà bá bi í léèrè bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ibẹ̀ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè ní àìtó tàbí àpọ̀jù họ́mọ́ònù kan tó ti wà lára rẹ̀ látilẹ̀, ìtọ́jú sì wà fún un. Tí nǹkan oṣù kò bá wá rárá títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí obìnrin fi oníhóró sílẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, kó má sì retí pé yóò kàn dé fúnra rẹ̀.

Ìmpláǹtì ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó rọ̀ tí wọ́n ń tì sábẹ́ awọ apá òkè. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ ní kílíníìkì ìjọba ní Nàìjíríà. Jadẹ́ẹ̀lì jẹ́ ọ̀pá méjì, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ìmplánọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì kọ sórí páálí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀ ni pé yíyọ rẹ̀ ni fífi í sílẹ̀. Ọdún tó pé kò túmọ̀ sí pé oògùn ti tán. Ọ̀pá tí ọdún rẹ̀ ti kọjá ṣì lè máa tú oògùn díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ń retí oyún tí ìmpláǹtì sì wà ní apá rẹ̀ torí pé ọdún rẹ̀ ti pé lè máa dúró lásán.

Yíyọ rẹ̀ kì í pẹ́. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ fi ìka tẹ apá náà kó lè mọ ibi tí orí ọ̀pá wà. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi oògùn apakòkòrò nu ojú ibẹ̀, yóò sì gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora sábẹ́ ìsàlẹ̀ orí ọ̀pá náà. Yóò la awọ díẹ̀, kò tó ìdajì èékánná. Yóò wá fi ìka ti ọ̀pá náà láti òkè títí orí rẹ̀ á fi yọ sí ojú ibi tí ó là, yóò sì fi irinṣẹ́ mú un jáde. Ó yẹ kí obìnrin náà béèrè kí wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n yọ hàn án. Ti Ìmplánọ́ọ̀nù gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, ti Jadẹ́ẹ̀lì sì ju ìyẹn lọ díẹ̀. Tí ó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí èyí tó kù ṣì wà nínú apá, oògùn rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Tí nọ́ọ̀sì kò bá rí ọ̀pá náà tẹ̀ láti òde, kò gbọdọ̀ la apá láti wá a kiri. Síkáànù ni wọ́n máa fi mọ ibi tó wà kí ẹni tó mọṣẹ́ náà dáadáa tó yọ ọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ oníkẹ́mísì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà nínú apá tí ọ̀bẹ lè gé.

Tí ọ̀pá bá ti kúrò pátá, oògùn á tán nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin á sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Wọ́n ti rí àwọn tó lóyún láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá tí wọ́n yọ ọ́. Ohun tí ó ń kó obìnrin sí yọ́ọ́yọ́ọ́ níhìn-ín yàtọ̀ sí ti abẹ́rẹ́ pátápátá. Ẹni tó yọ ìmpláǹtì nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí kò sì fẹ́ bímọ, lè ronú pé oògùn ọdún mẹ́ta kò lè tán lójijì, kó sì máa bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀ láìlo nǹkan mìíràn. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ gan-an ni ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn.

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ̀ ní Dẹ́pò jẹ́ mílígíráàmù 150, inú ẹran apá tàbí ìdí ni wọ́n sì ń gún un sí. Sayánà Pírẹ́ẹ̀sì, tí obìnrin lè gún fúnra rẹ̀ sábẹ́ awọ ikùn tàbí itan, jẹ́ mílígíráàmù 104. Oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá sì ni wọ́n ń gún wọn. Abẹ́rẹ́ oṣù méjì náà wà, tí wọ́n ń pè ní Nọ́rísítẹráàtì. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì yára tán ju ti Dẹ́pò lọ.

Oògùn inú Dẹ́pò kì í ṣe omi lásán. Èérún oògùn tó kúnná gan-an ló wà nínú omi náà, ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi máa ń mi ìgò rẹ̀ dáadáa kó tó fà á. Tí ó bá ti wọ inú ẹran ara, èérún wọ̀nyí á jókòó síbẹ̀, wọn á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí òkúta káún tí a jù sínú omi tútù. Àwọn tó ṣe é ṣírò rẹ̀ lọ́nà tí oògùn kò fi ní kéré jù láàárín oṣù mẹ́ta náà, lára obìnrin tí oògùn tètè ń tán lára rẹ̀ pàápàá. Nítorí ìyẹn, lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, oògùn ṣì kù lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ẹyin dá dúró. Ìyẹn ló jẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé obìnrin tó pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó wá gún abẹ́rẹ́ Dẹ́pò tó kàn ṣì lè gbà á láìṣe àyẹ̀wò oyún. Kò sì sí oògùn mìíràn tí ènìyàn lè lò láti fa Dẹ́pò tó ti wọ ara jáde. A kò lè yọ ọ́ bí ìmpláǹtì. Àfi kí a dúró títí yóò fi yọ́ tán.

Tí a bá kà á láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, ìdajì àwọn obìnrin tó fi Dẹ́pò sílẹ̀ láti bímọ máa ń lóyún kí oṣù mẹ́wàá tó pé. Àwọn kan lóyún ní oṣù kẹrin, àwọn kan sì dúró ju ọdún méjì lọ. Nínú 100 àwọn tó lóyún, nǹkan bí 68 ni tiwọn ti dé kí ọdún kan tó pé, 83 kí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, àti 93 kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn: ẹni tó fi Dẹ́pò sílẹ̀ máa ń dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin ju ẹni tó fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ lọ kó tó lóyún, ẹni tó fi abẹ́rẹ́ oṣù méjì sílẹ̀ sì máa ń dúró fún nǹkan bí oṣù kan péré ju wọ́n lọ.

Ìbéèrè tí àwọn obìnrin máa ń bi nọ́ọ̀sì jù ni pé, "Mo ti gún un fún ọdún mẹ́fà, ṣé kò ti pọ̀ jù lára mi?" Ìwádìí kò bá èyí lọ. Ìgbà tí oyún ń gbà kó tó dé kò gùn sí i nítorí pé obìnrin gún abẹ́rẹ́ púpọ̀. Oògùn abẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá ti yọ́ tán tipẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ló ń dá ẹyin dúró, yálà òun ni àkọ́kọ́ tàbí òun ni ìkẹrìnlélógún. Ní ìlú Ṣíáńgì Máì ní orílẹ̀-èdè Táílándì, níbi tí wọ́n ti lo Dẹ́pò ṣáájú ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó fi í sílẹ̀ láti bímọ, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1980. Tiwọn pẹ́ ju ti àwọn tó yọ èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún méjì fi máa pé, ohun tó ju 90 lọ nínú 100 wọn ti lóyún. Àwọn olùṣèwádìí méjì láti Ẹtiópíà náà kó ìwádìí 22 láti ibi púpọ̀ láyé pọ̀ ní 2018, tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ tó nǹkan bí 15,000. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tó fi oríṣiríṣi ìfètòsọ́mọbíbí sílẹ̀, nǹkan bí 83 nínú 100 ló lóyún kí ọdún kan tó pé.

Kí a fi ọjọ́ gidi ṣe é kó lè yé ni. Kí a gbà pé obìnrin ẹni ọdún 31 kan, tó ti bí ọmọ méjì, gún Dẹ́pò kẹ́yìn ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ sí káàdì rẹ̀ pé kó padà wá ni 8 oṣù kẹrin. Kò padà lọ, torí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ bí ẹ̀kẹta. Ní oṣù keje, ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Lójú àwọn ará ilé, oṣù mẹ́fà ti kọjá. Lójú ara obìnrin náà, oṣù mẹ́ta péré ni ó ti kọjá láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn yẹ kó ti parí iṣẹ́, oògùn sì lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2024 ni oṣù mẹ́wàá pé, ìyẹn ọjọ́ tí ìdajì irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti lóyún tí ìdajì kejì kò sì tíì lóyún. Tí oyún kò bá tíì dé títí oṣù kẹrin 2025, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pé láti ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó sì ti pé ọdún kan gbáko lẹ́yìn tó yẹ kí abẹ́rẹ́ náà ti parí iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ bá dókítà. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá sì tíì yọjú rárá ní oṣù kìn-ín-ní 2025, kó lọ nígbà yẹn, kó má dúró di oṣù kẹrin.

Ìṣirò yìí kan náà ló yẹ kí a ṣe kí a tó gún abẹ́rẹ́. Obìnrin tó mọ̀ pé òun fẹ́ lóyún láàárín ọdún kan sí ìgbà tí a wà yìí kò gbọdọ̀ gún òmíràn. Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ gún un, kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ bọ́ sórí oníhóró tàbí rọ́bà ìdáàbòbò. Oògùn Dẹ́pò á máa yọ́ lọ ní abẹ́nú, oyún kò sì ní bá a ní àìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá ṣetán, ó kù kó fi oníhóró sílẹ̀ ni. Ó bani nínú jẹ́ pé wọn kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn obìnrin lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́, torí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣáájú kò ní fi oṣù mẹ́fà sunkún.

Àìrí nǹkan oṣù ló ń dá ìpayà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó bá ti gún Dẹ́pò fún ọdún kan kì í rí nǹkan oṣù mọ́, àìrí yìí sì lè máa bá a lọ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ dúró. Ohun tí àwọn kan ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde ti ṣù sínú ilé ọmọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Awọ inú ilé ọmọ ni kò nípọn tó nítorí oògùn, torí náà kò sí ohun tí yóò já bọ́.

Ìgbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣù yìí ló bí àṣà fífọ ilé ọmọ. Àwọn kan ń mu àgbo líle tó ń múni yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn mìíràn lọ sí ilé ìtọ́jú kéékèèké níbi tí wọ́n ti máa ń fi irin ha inú ilé ọmọ wọn. Àgbo náà kò lè mú oògùn tó wà nínú ẹran apá yára yọ́. Irin ní tirẹ̀ lè ṣe ohun tí Dẹ́pò kò ṣe: ó lè bó awọ ilé ọmọ jinlẹ̀ débi pé ojú egbò á lẹ̀ mọ́ra, ó sì lè ti kòkòrò àrùn wọ inú lọ sí ọ̀nà ẹyin. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò nílò ju sùúrù oṣù mélòó kan lọ, lè ti ibẹ̀ di ẹni tí kò lè lóyún ní tòótọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì fi irin ha ilé ọmọ rẹ̀, tí oyún wá dé lẹ́yìn oṣù méjì, á máa jẹ́rìí pé fífọ̀ ló ṣiṣẹ́. Oògùn ló kúkú tán lásìkò rẹ̀.

Àmì wà tí obìnrin lè fi mọ̀ pé ẹyin ti ń jáde padà. Lẹ́yìn Dẹ́pò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kò ní ìlànà ló sábà máa ń ṣáájú, kò sì tíì túmọ̀ sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni nǹkan oṣù á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní àkókò tó ṣeé fojú sọ́nà fún, bíi ọjọ́ 26 sí 32 síra wọn. Láàárín oṣù, omi ojú ara á yí padà: yóò mọ́ gaara, yóò máa yọ̀, yóò sì máa fà láàárín ìka méjì láìjá. Ọjọ́ tí omi yìí bá pọ̀ jù ni ẹyin sún mọ́ àtijáde. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn èyí tó kọjá. Ẹni tí oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 32 tó ń ka ọjọ́ 14 á máa ṣi ọjọ́ náà. Tọkọtaya tó bá ń bá ara wọn lò pọ̀ ní ọjọ́ méjì méjì kò nílò kíka ọjọ́ rárá. Bí èébì àti ọmú dídùn bá sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù kò tíì padà, kí obìnrin yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún oyún, torí ẹyin àkọ́kọ́ máa ń jáde ṣáájú nǹkan oṣù àkọ́kọ́.

Nítorí pé oyún lè dé kí ènìyàn tó mọ̀, lílo fólíìkì ásíìdì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ìmpláǹtì tàbí kí oníhóró tó tán. Màíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni ti ọ̀pọ̀ obìnrin, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú oyún títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ó ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, tí wọ́n máa ń dá kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún. Ẹni tó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ kékeré, ìtọ̀ ṣúgà tàbí wárápá lè nílò èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Tí àkókò tó yẹ bá kọjá tí oyún kò dé, ohun mìíràn ló yẹ kí a wá. Fún obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35, ọdún kan ni. Fún ẹni tó ti ju 35 lọ, oṣù mẹ́fà ni, torí ẹyin ń dín kù pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ìdí kan tí wọ́n fi máa ń di ẹ̀bi ru ìfètòsọ́mọbíbí nìyí: obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 30, tó sì fi í sílẹ̀ ní 38, retí pé kí oyún yára dé bíi ti ìgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lára ẹyin, ì bá kọjá bákan náà ká ní kò lo nǹkan kan.

Ìdí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ọ̀nà ẹyin tó dí. Àtọ̀sí àti kilamídíà tí a kò tọ́jú, àrùn tó wọlé lẹ́yìn ìbímọ, tàbí oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní ibi tí kò mọ́ lè dí i láìsí ìrora kankan. Obìnrin lè ti kó àrùn náà kó tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, tàbí nígbà tó ń gún un, torí abẹ́rẹ́ kì í dènà àrùn bí rọ́bà ṣe ń dènà rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò wá oyún, kò ní mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi wò ó ni ẹ́kísírè tí wọ́n ń fi oògùn aláwọ̀ kan sínú ilé ọmọ ṣáájú kí wọ́n tó ya á. Tí oògùn náà bá ṣàn jáde ní òpin ọ̀nà méjèèjì, ọ̀nà là. Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún họ́mọ́ònù tó ń ṣètò ẹyin, èyí tó ń mú ọmú ṣe wàrà, àti ti kókó inú ọrùn, èyíkéyìí nínú wọn lè dá nǹkan oṣù dúró.

Ọkọ náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò, kódà bó bá ti bí ọmọ rí. Kó má bá obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje, kó sì gbé àtọ̀ rẹ̀ dé ilé àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan. Àyẹ̀wò yìí kò wọ́n tó ti ẹ́kísírè, kò sì dunni, nítorí náà òun ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ mú káàdì ìfètòsọ́mọbíbí obìnrin náà lọ́wọ́ lọ, torí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn tàbí ọjọ́ tí wọ́n yọ ìmpláǹtì ni ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa béèrè.